Ìlà àti Gbólóhùn: Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Ka Ewì Olómìnira

Ewì olómìnira ni ewì tí akéwì kò fi òfin ìwọ̀n kankan dè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Kò sí iye sílébù tí ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, kò sí ètò ohùn líle àti ohùn fífẹ́rẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ máa padà wá láti ìlà dé ìlà, kò sì sí ìbáradọ́gba ìró ní ìparí ìlà, èyí tí àwọn tí ń ka ewì Gẹ̀ẹ́sì ti kà sí àmì ewì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Òǹkàwé tí ó bá pàdé irú ewì bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni ẹnì kan gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí ó sì tò lé ara wọn lórí, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ pé kí ó wá nínú ewì ni kò bá níbẹ̀. Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí gbé yẹ̀ wò ni pé, kí ni ó so irú ewì bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígbà tí òfin ìwọ̀n ti kúrò, ọ̀nà wo sì ni òǹkàwé lè gbà rí i láìjẹ́ pé ó ń fi ojú inú dá a sílẹ̀? Èrò tí a óò gbé ró níhìn-ín ni pé nínú ọ̀pọ̀ ewì olómìnira tí a kọ dáadáa, ètò náà wà níbi tí gbólóhùn àti ìlà ti pàdé ara wọn, àti pé ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ibi tí ìlà ti dáwọ́ dúró nígbà tí gbólóhùn ṣì ń lọ yóò rí ohun tí ó lè fi ìka tọ́ka sí.

Ibi tí irú ewì yìí ti wá

Ní ọdún 1855, Walt Whitman tẹ ìwé *Leaves of Grass* jáde ní Brooklyn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ewì méjìlá ni ó wà nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ìlà wọn gùn gan-an, wọn kò sì tẹ̀ lé ìwọ̀n tí àwọn òǹkàwé ìgbà náà mọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé àtìgbàdégbà *La Vogue*, tí Gustave Kahn jẹ́ olóòtú rẹ̀, tẹ àwọn ewì tí ó ti já okùn ìwọ̀n àtijọ́ jáde ní 1886, ti Arthur Rimbaud sì wà lára wọn. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún 1913, F. S. Flint àti Ezra Pound kọ àlàyé sínú ìwé ìròyìn *Poetry* ti ìlú Ṣikágò nípa ohun tí àwọn akéwì ẹgbẹ́ wọn ń lépa, pé kí akéwì dojú kọ ohun tí ó ń sọ gan-an, kí ó má lo ọ̀rọ̀ kankan tí kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí ìrìn ohùn ewì sì máa tẹ̀ lé ìsọ̀rí orin dípò aago tí ń lù ní déédéé. Ìlànà kẹta yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, nítorí àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ kò sọ pé kí a ju ìrìn ohùn nù. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ó ti inú ọ̀rọ̀ jáde dípò kí a gbé e ka ọ̀rọ̀ lórí láti òde. T. S. Eliot náà fi kún un nínú àròkọ tí ó kọ ní 1917, níbi tí ó ti jiyàn pé ìyàtọ̀ tí àwọn ènìyàn ń ṣe láàárín ewì òmìnira àti ewì òfin kò sí rárá, pé ohun tí ó wà kò ju ewì tí ó dára, ewì tí kò dára, àti rúdurùdu lọ.

Òǹkàwé tí a fi ewì alohùn Yorùbá tọ́ kò wọ inú ìṣòro yìí láti ẹnu ọ̀nà kan náà pẹ̀lú òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì. Ìbáradọ́gba ìró ìparí ìlà kì í ṣe òpó tí ìjálá, oríkì tàbí ẹsẹ Ifá dúró lé, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbọ́ wọn tí yóò sọ pé wọn kò létò. Adébóyè Babalọlá nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá ní 1966, àti Ọlátúndé Ọlátúnjí nínú ìwé tí ó kọ lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá ní 1984, ti fi hàn bí àwítúnwí, gbólóhùn tí a gbé kalẹ̀ ní ìbádọ́gba, ìfọ̀rọ̀dárà àti ìfohùn-òkè-kojú-ohùn-ìsàlẹ̀ ṣe ń so irú ewì bẹ́ẹ̀ pọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé òǹkàwé Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ewì lè wà láìsí ìbáradọ́gba ìró ìparí. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó má tíì mọ́ ọn lára ni ètò tí a ṣe fún ojú, nítorí nínú ewì alohùn, èémí àti ohùn olùsọ ni ó ń jẹ́ kí a mọ ibi tí ìsọ̀rí kan parí sí, ṣùgbọ́n nínú ewì olómìnira tí a tẹ̀ sórí ìwé, àlàfo funfun tí ó wà ní òpin ìlà ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe.

Oríṣi ètò méjì

Oríṣi ètò àkọ́kọ́ ni èyí tí ó wà nínú gbólóhùn fúnra rẹ̀, òun sì ni Whitman gbára lé jù lọ. Robert Lowth, tí ó kọ́ni nípa ewì Hébérù ní Yunifásítì Ọ́sífọ́ọ̀dù, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1753 pé ohun tí ó gbé ewì inú Bíbélì ró ni pé apá kejì ìlà máa ń tún apá kìíní sọ, tàbí kí ó takò ó, tàbí kí ó parí rẹ̀. Nígbà tí akéwì bá ń kọ irú èyí, ìlà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ odindi gbólóhùn tàbí odindi apá gbólóhùn, ọ̀pọ̀ ìlà a sì máa fi ọ̀rọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀. Láti rí ètò yìí, kí òǹkàwé wo apá òsì ojú ìwé, kí ó ṣàkíyèsí bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ó wá wá ìlà tí kò bẹ̀rẹ̀ bí àwọn yòókù mọ́. Ibi tí ìbádọ́gba ti yẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń yí padà, torí pé akéwì tí ó ti jẹ́ kí etí wa máa retí ohun kan ti gba agbára láti fi àìrí i ta wá jí.

Oríṣi kejì ni èyí tí ó wà láàárín gbólóhùn àti ìlà, ó sì fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ìwé tí kì í ṣe ewì, bí fífẹ̀ bébà bá ṣe tó ni ìlà ṣe ń gùn tó, òǹkọ̀wé kò sì ní ohunkóhun í sọ sí i, ṣùgbọ́n nínú ewì, akéwì ni ó yan ibi tí ìlà yóò dúró sí. Ìgé ìlà ni a óò máa pe ibi náà. Ó lè bọ́ sí òpin gbólóhùn, níbi tí ohùn ti fẹ́ sinmi tẹ́lẹ̀. Ó lè bọ́ sí ààlà láàárín apólà kan àti òmíràn, níbi tí ohùn ti lè dúró díẹ̀. Ó sì lè bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ tí kì í yà kúrò lára ara wọn, irú bí ọ̀rọ̀ ìṣe àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìgé ti ìkẹta yìí ni ó lágbára jù, nítorí ó fa ọ̀rọ̀ méjì ya níbi tí gírámà ti fẹ́ kí wọ́n wà papọ̀, òǹkàwé yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò tíì pé lẹ́nu rẹ̀. Denise Levertov, akéwì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú àròkọ kan ní 1979, fi gígùn ìdúró bẹ́ẹ̀ wé ìdajì àmì kọ́mà, ó sì rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti kọ ìrìn èrò sílẹ̀ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí èrò ti ń ṣiyèméjì. Charles Olson ti sọ ṣáájú rẹ̀, ní 1950, pé inú èémí akéwì ni ìlà ti ń wá. Etí ni èrò ti Olson fara mọ́, ti Levertov sì fara mọ́ ìrìn èrò, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì fẹnu kò pé ìgé ìlà jẹ́ ìpinnu tí a lè bi léèrè ìdí.

Ewì kan tí a tú palẹ̀

Ewì tí ó dára jù láti fi dán èrò yìí wò ni èyí tí William Carlos Williams tẹ̀ jáde ní 1923 nínú ìwé *Spring and All*. Oníṣègùn ni Williams, ìlú Rutherford ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni ó ti ń tọ́jú aláìsàn. Nọ́ńbà 22 nìkan ni ewì náà ní nínú ìwé náà, ìgbà tí ó yá ni wọ́n wá ń fi bárò pupa tí ó wà nínú rẹ̀ pè é. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún péré ni ewì náà ní lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkéde pé ohun púpọ̀ gbára lé nǹkan kan, lẹ́yìn náà ó dárúkọ bárò pupa kan, omi òjò tí ó mú kí ó máa dán, àti àwọn adìyẹ funfun tí ó wà nítòsí rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Kò sọ ohun tí ó gbára lé bárò náà, kò sọ ẹni tí ó ni ín, kò sì sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Kò sí ìbáradọ́gba ìró, kò sí lẹ́tà ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àmì ìdánudúró kankan. Bí ewì kan bá wà tí ó dà bí ẹni pé kò ní ètò rárá, òun ni.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti ka iye ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìlà mẹ́jọ ni, tí a pín sí ẹsẹ mẹ́rin, ìyẹn ni pé àlàfo ya ìlà wọ̀nyí sọ́tọ̀ ní méjì-méjì. Nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ìlà kìíní ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìlà kejì sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì yẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí a bá tún ka sílébù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí à ń pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a óò rí i pé gbogbo ìlà kejì ní sílébù méjì, nígbà tí ìlà kìíní nínú ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́ta àti mẹ́rin ní títẹ̀léra. Ẹsẹ àkọ́kọ́ àti ẹsẹ ìkẹyìn bá ara wọn mu, àwọn méjì àárín sì bá ara wọn mu. Ewì tí a pè ní aláìlétò wá jẹ́ èyí tí ètò rẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ ewì tí ó ní ìbáradọ́gba ìró lọ, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju pé inú ewì náà fúnra rẹ̀ ni òfin rẹ̀ ti wá, kì í ṣe ohun tí akéwì jogún.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti béèrè ohun tí ìgé ìlà ń ṣe, nítorí kíka iye nìkan kò sọ ìdí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo ewì náà, ìlà kejì nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sì já bọ́ láti ara ohun tí kò yẹ kí ó kúrò lára rẹ̀. Nínú ẹsẹ kìíní, ọ̀rọ̀ ìṣe wà ní òkè, ọ̀rọ̀ atọ́kùn tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e sì wà nísàlẹ̀. Nínú ẹsẹ kejì, a gé orúkọ bárò fúnra rẹ̀ sí méjì, nítorí ọ̀rọ̀ méjì tí a lẹ̀ pọ̀ ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó túmọ̀ sí táyà ṣáájú, ohun tí a fi ń kó ẹrù lẹ́yìn. Nínú ẹsẹ kẹta, a gé omi òjò bákan náà, òjò ni ó kọ́kọ́ wá, omi sì dúró de ìlà kejì. Nínú ẹsẹ kẹrin, àwọ̀ funfun wà ní òpin ìlà kìíní láìsí ohun tí ó jẹ́ funfun, kí adìyẹ tó dé. Nítorí náà, ojú òǹkàwé rí táyà kí ó tó rí bárò, ó rí òjò kí ó tó rí omi, ó rí funfun kí ó tó rí ẹyẹ tí ó ní ìyẹ́ funfun. Ohun tí a ti ń wò lójoojúmọ́ láìrí ni ewì náà tú palẹ̀ tí ó sì tún tò, ó sì fi ìgé ìlà mú òǹkàwé wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ́ ju bí ìbá ti wò wọ́n lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni láti kọ ewì náà sórí ìlà kan ṣoṣo bí ọ̀rọ̀ lásán, kí a sì wo ohun tí ó sọnù. Hugh Kenner, nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1975, ṣe irú ìdánwò yìí nígbà tí ó béèrè ipò tí ènìyàn lè wà tí yóò fi sọ gbólóhùn náà jáde lẹ́nu, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé kò sí ipò bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà tí a gbà kọ ọ́ sórí ìwé ni ó sọ ọ́ di ewì. Bí a bá sì sún ìgé kan ṣoṣo, bóyá kí a dá orúkọ bárò padà sí ìlà kan, ìdúró tí ó wà níbẹ̀ yóò kú, iye ọ̀rọ̀ yóò yẹ̀, ẹsẹ kejì kò sì ní bá ẹsẹ kẹta mu mọ́. Ohun tí a lè bàjẹ́ nípa sísún un díẹ̀ ni a lè sọ pé ó ní ètò.

Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó tó yẹ láti bi ewì náà léèrè ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣìnà nínú rẹ̀ ṣìnà nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n bi ara wọn pé kí ni bárò dúró fún, ẹnì kan ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, ẹnì kejì ní òṣì ni, kò sì sí ohun tí ó lè là wọ́n. Ewì náà kò sọ pé bárò dúró fún nǹkan kan. Ó sọ pé ohun púpọ̀ gbára lé e, lẹ́yìn náà ó mú wa wò ó. Ìtumọ̀ tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni pé ohun tí ewì náà ń sọ nípa rẹ̀ ni wíwò fúnra rẹ̀, torí pé òun ni gbogbo ìgé ìlà inú rẹ̀ ń fipá mú wa ṣe.

Ta ni ó ni ètò náà: ewì ni àbí òǹkàwé?

Àríyànjiyàn tí ó le jù tí a lè gbé dìde sí irú ìkàwé yìí wá láti ọwọ́ Stanley Fish. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1971, ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York tí ó wà ní Buffalo, ó fi orúkọ àwọn onímọ̀ kan, tí ó kọ sójú pátákó fún kíláàsì kan láti lọ ka iṣẹ́ wọn, sílẹ̀ fún kíláàsì tí ó tẹ̀ lé e, tí ó ń kọ́ ewì ẹ̀sìn Gẹ̀ẹ́sì ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Ó fi ìlà yí orúkọ wọ̀nyí ká, ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ewì ni, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀: wọ́n rí àgbélébùú nínú bí a ṣe tò ó, wọ́n sì rí àkàbà Jákọ́bù nínú orúkọ kan. Fish fi èyí gbe èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ ni ètò wà, pé òǹkàwé tí a ti kọ́ bí a ṣe ń ka ewì ni ó ń dá a sílẹ̀.

Kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àtakò yìí, nítorí ó tọ̀nà dé ibì kan: ẹni tí kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó wá kò ní rí ìgé ìlà Williams bí ó tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò sísún nǹkan nípò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọ̀ràn méjèèjì. Bí a bá yí bí orúkọ wọ̀nyẹn ṣe tẹ̀ lé ara wọn padà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ìbá tún rí ìtumọ̀ mìíràn tí yóò dára bákan náà, nítorí ara orúkọ ni wọ́n ti ń fa ìtumọ̀ yọ, kò sì sí gbólóhùn kankan tí títò orúkọ náà lè bá ṣe nǹkan. Nínú ewì Williams, gbólóhùn kan wà, ìlà wà, a sì lè rí ibi tí ọ̀kan ti gé èkejì. Iye ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò yí padà nítorí ẹni tí ń kà á. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé rí pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè tọ́ka sí kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, orí èyí sì ni ó yẹ kí ìkàwé dúró lé.

Ibi tí ọ̀nà yìí mọ

Ọ̀nà yìí kò ṣí gbogbo ewì olómìnira. Ewì gígùn bíi *The Waste Land* tí Eliot tẹ̀ jáde ní 1922 ní ju irinwó ìlà lọ, ó sì pín sí apá márùn-ún. Àwọn ibì kan nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n àti ìbáradọ́gba ìró, àwọn ibòmíràn kò ní. Kíka ọ̀rọ̀ ìlà kan sí òmíràn kò ní ṣe wá láǹfààní púpọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a wo bí apá kan ṣe kọjú sí èkejì, àti ohùn tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí Karin Barber lórí oríkì ní ìlú Òkukù, tí a tẹ̀ jáde ní 1991, lè ran òǹkàwé lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí ó fi hàn pé àwọn ègé oríkì lè wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má tẹ̀ lé ara wọn bí ìtàn, síbẹ̀ kí ẹni tí à ń kì so wọ́n pọ̀. Bí ewì gígùn kan bá dà bí ẹni pé ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìbéèrè tí ó bọ́gbọ́n mu ni ẹni tàbí ohun tí gbogbo ègé náà ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà yìí sì tún wúlò láti mọ ewì tí kò dára. Bí gbogbo ìgé ìlà bá bọ́ sí ibi tí ohùn ìbá ti dúró tẹ́lẹ̀, tí gbólóhùn kò sì ní ìbádọ́gba kankan, kíkọ ewì náà bí ọ̀rọ̀ lásán kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá sì gé ọ̀rọ̀ ya níbi gbogbo láìjẹ́ pé ohun tí ó wà nínú ìlà kejì dá ìdúró náà lóhùn, a jẹ́ pé ìyàlẹ́nu nìkan ni akéwì náà ń wá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóde, òǹkàwé tí ó bá sì ti ṣe ìdánwò wọ̀nyí ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò rí ètò níbẹ̀, kì í ṣe pé òye òun ni ó kúrú.

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òmìnira inú ewì olómìnira jẹ́ òmìnira láti yan òfin, kì í ṣe láti wà láìlófin. Kí olùkọ́ tí ó bá ń fi irú ewì yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ má fi ìbéèrè nípa àmì àti àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n wá gbólóhùn, kí wọ́n ka ìlà, kí wọ́n wo ibi tí ìlà ti gé gbólóhùn, kí wọ́n sún ìgé kan nípò, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó bàjẹ́. Ìtumọ̀ tí ó bá jáde lẹ́yìn èyí ni wọ́n yóò lè gbèjà níwájú ẹnikẹ́ni.